Akáńtáǹtì ní mo jẹ 300,000 fáàtì, ẹ gbà mí

Ìyá Táyọ̀, Kàbbà: Okun o ẹ̀yin ará ilé. Símẹ́ǹtì àti páànù ni mo ń tà, owó ọkọ̀ ti fẹ́ pa mí, ọmọ tó ń bá mi kọ lẹ́jà, tí mò ń sanwó oṣù fún, ló tún ní kí n lọ san 300,000 fáàtì, owó orí ọjà títà, ti oṣù tó kọjá kó tó di ọjọ́ kọkànlélógún. 4,300,000 lọjà tí mo tà, fáàtì ti wà nínú ẹ̀. Ṣèbí èmi náà san fáàtì nígbà tí mo rajà? Ibo ni tèmi wọlé sí?

Bàbá Dúró: Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì táwọn kánsù ń já lọ́jà ni? Wọ́n já tèmi lẹ́ẹ̀mejì n'Ísánlú.

Akin: Màmá, ẹ wo èrè yín, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ lẹ máa san. Ó tán.

Fúnkẹ́, Mọ́pà: Bàbá, fáàtì ni wọ́n ń sọ o. Màmá, èló lẹ rajà? Ibo lọmọ yẹn kọ ọ́ sí?

Ìyá Táyọ̀: 3,225,000. Ó kọ gbogbo ẹ̀ síbi ọjà tí a rà. Ọmọ náà gbọ́n o, èmi ni mo ní kó má jẹ́ kí ìwé pọ̀.

Fúnkẹ́: Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Fáàtì 7.5 ló ń gun ọjà 100, ó di 107.5. Ẹ pín 4,300,000 sí 107.5, ẹ wá fi 7.5 sọ ọ́ dọ̀pọ̀, 300,000 ló máa jáde. Owó ìjọba nìyẹn, ọwọ́ yín ló kàn wà, kì í ṣe ọjà tẹ́ ẹ tà, apá ọ̀tún àkáǹtì fáàtì ló ń lọ. 4,000,000 lọjà yín. Nínú 3,225,000 tẹ́ ẹ fi rajà, 225,000 fáàtì máa bọ́ sápá òsì àkáǹtì kan náà, 3,000,000 tó kù lowó ọjà. Ẹ yọ ọ́, 75,000 lẹ jẹ. Bó ṣe pò ó mọ́ owó ọjà yẹn, èrè yín náà ló ń jẹ.

Akin: Àbí kí ni mo sọ? Èrè 1,000,000, 75,000 náà kọ́ nìyẹn?

Fúnkẹ́: Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Tí wọ́n bá san 100,000 fáwọn tó ń já símẹ́ǹtì, èrè á dín, fáàtì ò ní dín ní kọ́bọ̀.

Ṣèyí: Jẹnẹrétọ̀ tí mo rà ńkọ́? Wọ́n ní mi ò lè yọ fáàtì ẹ̀.

Fúnkẹ́: Òfin àtijọ́ nìyẹn, ọjà títà àti ohun tá a fi ń ṣe é nìkan ló gbà. Láti January 2026, òfin tuntun gba ẹ̀rọ àti iṣẹ́ tá a sanwó fún, tó bá jẹ́ òwò tó ń gba fáàtì lẹ fi ń ṣe.

Ṣèyí: 2025 ni mo rà á, 2026 ni mo parí owó ẹ̀. Èwo ni ká ti gbọ́?

Ìyá Táyọ̀: Ẹ jẹ́ ká parí tèmi ná. Páànù 1,075,000 tó wà nínú ọjà yẹn, ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan ni, ó fi bíírò kọ ọ́ sí bébà fún mi, ó ní fáàtì ti wà ńbẹ̀.

Fúnkẹ́: Há! Nọ́ńbà owó orí ẹ̀ wà níbẹ̀? Ó ya fáàtì sọ́tọ̀?

Ìyá Táyọ̀: Rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ wa ni.

Fúnkẹ́: Ìjọ ò kan lẹ́jà, màmá. Ẹ yọ 75,000 fáàtì páànù yẹn kúrò lápá òsì, ó ku 150,000 níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ nínú 300,000, ẹ ó san 150,000. Gbogbo 1,075,000 yẹn ti di owó ọjà. Tó bá ti rẹ́jísítà fún fáàtì, kó kọ ínfọ́ìsì gidi fún yín kíákíá.

Ìyá Táyọ̀: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é. Ó ní òun ò ní nọ́ńbà kankan, pé 1,000,000 lòun ń tà á fáwọn míì.

Akin: Ó fi 75,000 yín ṣe fàájì nìyẹn.