Àkọlé ìròyìn sìmẹ́ńtì àti iye ṣíà: kí lojú yín ti rí?

Ọmọ Owé, Kàbà: Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Mo máa ń kó àkọlé ìròyìn nípa Dangote Cement jọ, torí Ọbàjánà tí ilé-iṣẹ́ náà wà ò jìnnà sí wa, ẹnu ò sì yé sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. VADER, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wo bóyá ọ̀rọ̀ dára tàbí burú, ni mo fi ń fún àkọlé kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti -1 tó burú jù dé 1 tó dára jù. Lẹ́yìn náà, màá gbé máàkì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí iye ṣíà ṣe lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kogi ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní oṣù kẹwàá 2022, máàkì burú, kò yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìròyìn pé ọ̀rọ̀ ti yanjú náà ń gba máàkì burúkú! Ẹ dán irú èyí wò:

```
from vaderSentiment.vaderSentiment import SentimentIntensityAnalyzer
s = SentimentIntensityAnalyzer()
print(s.polarity_scores("Obajana crisis resolved")["compound"])
```

Ìsàlẹ̀ òdo ló máa já sí, torí "crisis" wúwo ju "resolved" lọ fún un. Kí lẹ̀yin ti rí?

Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù, Ìsánlú: Ẹ ṣeun. Èmi ń mọ búlọ́ọ̀kù tà. Ìròyìn wo ló ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé àpò sìmẹ́ńtì fẹ́ gbówó lórí? Àwọn tó ń kó o wá fún wa kì í sọ títí ọkọ̀ á fi dé.

Ọmọ Owé: Mà, iye ṣíà ilé-iṣẹ́ náà là ń sọ, kì í ṣe iye àpò. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kí inú ẹni tó ní ṣíà máa dùn lọ́jọ́ tí àpò bá wọ́n.

Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù: Háà! Ìbànújẹ́ mi ni ayọ̀ wọn.

Àbúrò Mọ̀pà: Ìwé-ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń fún ọ̀rọ̀ ní máàkì lẹ máa pààrọ̀. Orí ọ̀rọ̀ orí ìkànnì ayélujára ni wọ́n ti ṣe VADER. Loughran àti McDonald ti fi hàn ní 2011 pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ìwé-ọ̀rọ̀ gbogbogbòò kà sí burúkú, bíi "tax", "cost" àti "liability", kò burú rárá nínú ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́. Tiwọn ni mo ń lò. Wàhálà ti tán.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Ó kù díẹ̀, ọmọ mi. Mo bá àwọn alágbàtà ṣíà ṣiṣẹ́ l'Ékòó kí n tó fẹ̀yìntì, ohun tí mo rí ni pé ìwé-ọ̀rọ̀ kọ́ ni àrùn tó le jù. Ọ̀pọ̀ àkọlé ló jẹ́ pé iye ṣíà tó ti já sílẹ̀ ló ń ròyìn. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ wéra pẹ̀lú bí iye ṣíà ṣe lọ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á bára mu rẹ́gí, ẹ ó sì rò pé ìròyìn ló fà á. Ẹ kọ́kọ́ yọ wọ́n kúrò. Èyí tó bá jáde lẹ́yìn tí ọjà ti sé, ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e ni kí ẹ kà á sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi máàkì ọjọ́ kan wé bí iye ṣíà ṣe lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì fi wé ti ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ ti àná ló bá mu jù, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ọjà ni ìwé ìròyìn ń tọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún owó èrè. Ilé-iṣẹ́ yẹn pín náírà 30 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan fún ọdún 2023. Ká ní ṣíà wà ní 480 náírà. Bí ọjà bá yọ owó èrè náà kúrò lára iye rẹ̀, 450 ló kù. Ìdá 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ, láìsí ìròyìn burúkú kankan. Àkọlé ọjọ́ yẹn lè máa kọrin owó èrè pàápàá.

Àbúrò Mọ̀pà: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìròyìn ńlá kò yẹ kó hàn lọ́jọ́ kan náà?

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Lọ́jà wa, ṣíà kì í lọ sókè tàbí sílẹ̀ kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lóòjọ́. Èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ á pín ara rẹ̀ sí ọjọ́ púpọ̀. Ẹ sì máa yọ bí gbogbo ọjà ṣe lọ kúrò. Bí All-Share Index bá já pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru àkọlé kan.

Ọmọ Owé: Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ìròyìn kan náà tí ilé ìwé ìròyìn bíi ogún gbé ńkọ́? Ẹyọ kan ni mo fẹ́ kà á sí.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Ẹyọ kan náà ni.

Ará Ìyàrà: Mi ò gbà, Bàbá, ẹ má bínú. Bí ogún ilé ìwé ìròyìn bá gbé e, ó ti dé etí ẹni tó fẹ́ tà. Èmi máa ń kọ iye wọn sí òpó ọ̀tọ̀, mi ò kì í kà á mọ́ máàkì.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Òpó ọ̀tọ̀ kò burú. Ṣé ó ti bá bí iye ṣíà ṣe lọ lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e mu rí?

Ará Ìyàrà: Nígbà mìíràn. Lórí ilé-iṣẹ́ kéékèèké, kò mú nǹkan kan jáde, torí ọjọ́ míì wà tí ẹnikẹ́ni kì í rà tàbí tà rárá.

Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí àpò o.