Kí la máa ṣe sí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ṣèèṣì wọlé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ wa ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, àtẹ̀jíṣẹ́ tó ṣìnà sì ti pọ̀ jù fún wa. Òmíràn ṣófo, òmíràn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀.

A kọ́kọ́ ní kí ẹ̀rọ máa pa gbogbo èyí tí kò bá tó lẹ́tà mẹ́wàá dé. Àṣìṣe ńlá ni. Obìnrin kan kọ "ẹ jọ̀ọ́", lẹ́yìn náà ló fi àwòrán ìṣòro rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ti pa ti àkọ́kọ́ dé, àwòrán náà wá tò sẹ́yìn bí ọ̀rọ̀ tuntun, ọjọ́ mẹ́ta ló fi dúró. Ó ṣì ń dùn mí.

Ohun tí mo ń rò báyìí ni pé ká fèsì lẹ́ẹ̀kan péré, pé kò yé wa, kí ẹni tó fi ránṣẹ́ kọ̀wé padà tó bá nílò wa. Tí wákàtí 48 bá kọjá láìsí èsì, ká pa á dé láìbi í bóyá iṣẹ́ wa tẹ́ ẹ lọ́rùn. Tó bá fèsì nígbàkigbà, kí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀ lórí ìlà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnì kan máa ka 50 nínú àwọn tí a pa dé, kó wò ó bóyá ojúlówó ìbéèrè wà níbẹ̀.

Ibi tí mo há sí ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní àṣírí nínú, bí ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èmi ní ká sọ fún ẹni tó fi ránṣẹ́, ká pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́, ká fi ọjọ́ àti àkókò nìkan sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ká tọ́jú rẹ̀ fún 30 ọjọ́, bí awuyewuye bá ṣẹlẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ yín, ta lẹ sì fún láṣẹ láti pa á rẹ́?