Lésì ìyàwó di ẹ̀kọ mímu: H.264, H.265 àbí AV1?

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ya fídíò ìgbéyàwó kan lóṣù tó kọjá, wákàtí 2 géérégé lẹ́yìn tí mo gé e tò tán. Gígábáìtì 45 ni fáìlì ńlá rẹ̀, fúláàṣì gígábáìtì 8 sì ni oníbàárà gbé wá. Mo fi kódẹ́ẹ̀kì H.264 fún un mọ́ra, mẹ́gábíìtì 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan tí kò gbọdọ̀ yẹ̀, ó wálẹ̀ sí gígábáìtì 3.6. Níbi tí alága ìdúró ti ń sọ̀rọ̀, àwòrán mọ́ kedere. Àfi ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná ìyàwó lówó! Ihò lésì ò hàn mọ́, owó tó ń fò di igun mẹ́rin mẹ́rin. Mo wá lo AV1. Ó dáa lórí kọ̀ǹpútà mi, àmọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n màmá ìyàwó, ohùn nìkan là ń gbọ́, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Èwo ni kí n mú?

Tísà Kékeré: AV1 náà ni. Ọdún 2018 ló jáde, H.264 ti wà láti 2003. Ẹ fi CRF 22 sí i, nọ́ńbà tó ń pinnu bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó. Kódẹ́ẹ̀kì yòówù kẹ́ ẹ lò, 22 ni 22. Kí màmá lọ ra tẹlifíṣọ̀n tuntun.

Ẹ̀gbọ́n Olótùú: Ṣé ẹ̀yin lẹ máa sanwó tẹlifíṣọ̀n náà? Òótọ́ ni pé AV1 máa ń dín fáìlì kù dáadáa, ṣùgbọ́n 22 kì í ṣe 22. Bí èèyàn ò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, 23 ni x264, ètò tó ń ṣe H.264, máa lò, x265 ti H.265 á lo 28, SVT-AV1 ti AV1 á lo 35. Oníkálukú ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀.

Ayàwòrán, kódẹ́ẹ̀kì nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Nígbà tí alága dúró sójú kan, ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò yí padà, kódẹ́ẹ̀kì kàn ń tọ́ka sí àwòrán tó ṣáájú ni. Ìgbà tí owó bá ń fò, tí lésì ń jó, kò sí ibi tó jọ ti tẹ́lẹ̀, mẹ́gábíìtì 4 ò sì lè tó. O bu oúnjẹ kan náà fún ẹni tó jókòó àti ẹni tó ń roko. CRF ní tiẹ̀ á bù ú bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ sí.

Mú H.265. Ìṣẹ́jú kan tó le jù lọ ni kó o kọ́kọ́ dán wò, láti ara fáìlì gígábáìtì 45 yẹn, má lo èyí tó ti bàjẹ́:

```
ffmpeg -ss 00:48:10 -t 60 -i ayeye.mp4 -c:v libx265 -preset slow -crf 22 -tag:v hvc1 -c:a aac -b:a 160k danwo.mp4
```

Má yọ `hvc1` o, torí àwọn tó ń lo áífóònù. Gbé e lọ sórí tẹlifíṣọ̀n màmá, dá a dúró níbi tí ìyàwó ti gbọ́wọ́ sókè, kó o wo ihò lésì.

Ìyá Adúrà: Tèmi náà nìyẹn! Ìwàásù wa mọ́ lórí fóònù mi, bí mo ṣe fi ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù ló di bàìbàì. Níbo ni wọ́n ti ń ta H.265 yìí?

Ẹ̀gbọ́n Olótùú: Ẹ má ra nǹkan kan, mà. Wáásáàpù ló ń fún un pọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, á dé bó ṣe rí.

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìṣẹ́jú kan níbi ìnáwó jẹ́ mẹ́gábáìtì 66, ti alága jẹ́ 18 péré. Tẹlifíṣọ̀n màmá gbé e, ihò lésì padà wá! Mo wá ṣe gbogbo rẹ̀, ó mọ́jú kó tó tán, ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn ò mú iná lọ. Gígábáìtì 4.6 ló jẹ́. Àmọ́ fúláàṣì ní fáìlì tóbi jù, bẹ́ẹ̀ ó ṣófo ni!

Tísà Kékeré: Ẹ bá ti fi káàdì NVIDIA ṣe é, kò ní pẹ́ rárá.

Ẹ̀gbọ́n Olótùú: Á yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí fáìlì méjèèjì bá tóbi bákan náà, ti x265 tó rọra ṣe é ló máa ń mọ́ jù. Ti fúláàṣì yẹn, FAT32 ni wọ́n fi tò ó, kì í gba fáìlì kan tó bá ju gígábáìtì 4 lọ. O lè fi exFAT tún un tò, àmọ́ àwọn tẹlifíṣọ̀n kan ò mọ̀ ọ́n kà. Gé e sí méjì níbi tí ìdána parí sí, fi `-c copy` gé e, kò ní fún un pọ̀ mọ́.

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá: Mo ti gé e, méjèèjì wọlé. Wọ́n tún ti pè mí o: tẹlifíṣọ̀n bàbá ọkọ ò ṣí H.265.

Ẹ̀gbọ́n Olótùú: Hà! Ìyẹn á jẹ́ H.264, CRF 20, lórí fúláàṣì mìíràn. Sọ fún wọn kí wọ́n mú èyí tó tóbi wá, torí n ò lè sọ iye tó máa jẹ́ títí wàá fi dán ìṣẹ́jú ìnáwó yẹn wò.

Tísà Kékeré: Mo ṣì ń sọ pé AV1 ni.