Òwú ìsàlẹ̀ àbẹ́là yìí gùn: ṣé kí n rà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ṣáàtì EUR/USD ni mò ń wò, àbẹ́là oníwákàtí mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń já wálẹ̀. Àbẹ́là tó parí báyìí ṣí ní 1.0850, ó já dé 1.0790, ó wá padé ní 1.0862; kò ga ju 1.0866 lọ. Òwú ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Lójú tèmi, àwọn tó ń tà tì í wálẹ̀, àwọn tó ń rà sì gbé e padà.

Àmọ́ lánàá, mo kánjú ra irú rẹ̀ kó tó padé. Ohun tí mo pè ní òwú di ara pupa gbọọrọ. Owó mi lọ!

Ṣé kí n dúró kí àbẹ́là tó kàn padé lókè 1.0866 ni? Àbí ìyẹn ti pẹ́ jù?