Oyún oṣù méje, àyà tó ń lù lóru: ìgbà wo la ó sọ fún agbẹ̀bí?

Ọkọ aboyún: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Oyún ìyàwó mi ti pé oṣù méje. Lóru á ta jí, àyà rẹ̀ á máa lù kì kì kì, á gbé ọwọ́ lé ikùn títí ọmọ á fi tàpá. Ìyá mi ní gbogbo aboyún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ká fi sílẹ̀?

Ìyá ìbejì: Ìyá yín ò purọ́. Oyún a máa múni ronú. Bó bá bímọ, á lọ.

Agbẹ̀bí: Oyún a máa múni ronú lóòótọ́, màmá. Àmọ́ bí a bá gbọ́ ìlù ọkàn ọmọ ní kílíníìkì tí ara ìyá sì balẹ̀, ìrònú lásán nìyẹn. Bó bá délé tí ẹ̀rù náà tún dé, tí kò jẹ́ kó sùn, kò yẹ ká fi sílẹ̀ di ìgbà ìbímọ. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ bi í: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni ara rẹ̀ ò balẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni kò lè dá àníyàn náà dúró? Fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kò sí rárá jẹ́ 0, ọjọ́ díẹ̀ jẹ́ 1, ó lé ní ìdajì àwọn ọjọ́ náà jẹ́ 2, bí ojoojúmọ́ jẹ́ 3.

Ọkọ aboyún: Ó ní 2 àti 3.

Agbẹ̀bí: 5 nìyẹn. Láti 3 lọ sókè, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Kò túmọ̀ sí pé àìsàn ni o, ó kàn yẹ kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ dáadáa ni.

Oníṣòwò: Ẹ̀jẹ̀ ló kéré lára tèmi nígbà yẹn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà fún un.

Agbẹ̀bí: Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà a máa mú àyà lù, pàápàá bí èèyàn bá ń gun àtẹ̀gùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá yí bó ṣe máa ń yí, bí èémí bá ṣàdédé kúrú tàbí àyà ń dùn ún, bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú sì ń ṣú, ẹ má pè é ní àníyàn. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá ń sọ pé ó sàn kóun kú: ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀.

Ìyá ìbejì: Obì tó ń jẹ ńkọ́?

Agbẹ̀bí: Kó dín in kù, pàápàá lálẹ́. Obì ń lé oorun lọ bíi kọfí.

Ọkọ aboyún: Bí wọ́n bá bi í ní kílíníìkì pé ṣé ara le, "a dúpẹ́" ló máa ń sọ.

Agbẹ̀bí: Ibẹ̀ gan-an la ti ń pàdánù wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún un: "Mo ń jí láago méjì òru, ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀, mi ò sì lè sùn padà." Kó gbé ìwé náà lé tábìlì kí wọ́n tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ọkọ aboyún: Ìyá mi ló ń bá a lọ o, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkàn níwájú dókítà. N ó gbìyànjú láti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́la.