Ṣé kí a gé owó ìpolówó Instagram?

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ìpolówó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. À ń polówó bàtà lórí Instagram àti Google. Nínú bàtà 120 tí a tà, Last click, tó ń wo ibi tí oníbàárà ti tẹ̀ kẹ́yìn kó tó rà, ka 14 péré sí Instagram. Ṣùgbọ́n User acquisition ti GA4, tó ń wo ibi tí oníbàárà ti kọ́kọ́ wọlé, ka 65 sí i. Orúkọ ilé ìtajà wa gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó gba Google wọlé tẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti mọ̀ wá tẹ́lẹ̀. Data-driven, tó ń pín ọjà kan sí gbogbo ìpolówó tó kópa nínú rẹ̀, ka 31 sí Instagram, àmọ́ ọjà wa kéré jù fún mi láti gbẹ́kẹ̀ lé e. Ṣé kí n dá ìpolówó Instagram dúró ní Ìbàdàn nìkan, kí n wá fi ọjà ibẹ̀ wé ti Àkúrẹ́?