Lẹ́tà ọmọ mi dà bí àròkọ: ibo ni ká ti tún un ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní lẹ́tà gbẹ̀fẹ́, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní kí ọmọbìnrin mi ròyìn àjọ̀dún kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lókè lápá ọ̀tún, déètì tẹ̀ lé e, kò sì kọ àdírẹ́sì ẹni tó ń kọ̀wé sí. Ìyẹn tọ̀nà. Àmọ́ bó ṣe kí i tán ló bẹ̀rẹ̀: "Àjọ̀dún jẹ́ ohun pàtàkì láwùjọ." Ó wá to ètò ọjọ́ náà láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sí "ìwọ" kankan níbẹ̀! Èèyàn lè fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Mo ní kó gbìyànjú èyí: "Ṣé o rántí ìlù tó máa ń jí wa? Lọ́dún yìí, òjò ká àwọn onílù mọ́ ojú ọ̀nà, la bá jọ sá sábẹ́ òrùlé kan." Ó ní olùkọ́ máa yọ máàkì tí òun ò bá sọ gbogbo ètò. Ṣé ìṣẹ̀lẹ̀ kan péré tó fún ìpínrọ̀ méjì? Ìbátan náà sì fi ọdún 4 jù ú lọ: ṣé "o" ni, àbí "ẹ" jálẹ̀?